Bàtà kan tó kù sínú àpótí

Lọ́sàn-án òní, mo dúró síwájú ìsọ̀ kan tó tì pa ní Wàǹdó, níbí l'Ájàṣẹ́, mo gbé bàtà oníbàárà dání. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Ẹrù mẹ́fà ṣì wà nínú àpótí ẹ̀yìn alùpùpù mi.

Mo dúró fún ìṣẹ́jú 10. Mo ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà, mo kọ aago tí mo dé ibẹ̀ sílẹ̀, mo fi bàtà náà sínú àpò ọ̀tọ̀ kó má baà dàpọ̀ mọ́ ìyókù, mo bá tèmi lọ.

Mo ti dé Jásìn kó tó pè mí. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ilé ni mo wà o, ní Káṣì." Ìsọ̀ ló wà nígbà tó fi àmì ibi tó wà ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀. Ibi tí fóònù rẹ̀ wà nígbà yẹn ni àmì náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ilé rẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó ń ṣe mí bíi kí n yí padà kíá. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́fà ni yóò dúró nítorí ẹnì kan, màá sì tún há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọjà. Mo fi tirẹ̀ ṣe ìkẹyìn, lójú ọ̀nà ilé mi. Aago 6 ti kọjá díẹ̀ nígbà tó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí ẹni ń gba ọmọ tuntun.

Láti ọ̀la, kí n tó di ẹrù, màá máa bèèrè pé: "Níbo lẹ máa wà lọ́sàn-án?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ẹrù ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?