Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá tẹ́ńsọ̀ jẹ́ òdo

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mójúùlù, ohun tó là mí lójú nínú ọ̀rọ̀ tẹ́ńsọ̀ rèé: bí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé nǹkan jẹ́ òdo, ẹ ṣírò ó. Bí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé kì í ṣe òdo, ẹ wá fọ́nṣọ̀n kan.

Ẹ mú Z/2 ⊗ Z/3, lórí Z. Òfin tẹ́ńsọ̀ gbà kí nọ́ńbà odidi kọjá láti apá kan àmì ⊗ sí apá kejì. Ní Z/2, 2a jẹ́ òdo. Ní Z/3, 3b jẹ́ òdo. Bẹ́ẹ̀ 3 − 2 = 1, nítorí náà:

a⊗b = 3(a⊗b) − 2(a⊗b) = a⊗3b − 2a⊗b = a⊗0 − 0⊗b = 0

Gbogbo ohun tó wà nínú mójúùlù náà, àròpọ̀ irú a⊗b bẹ́ẹ̀ ni. Òdo nìkan ló kù níbẹ̀.

Ó yá, Z/4 ⊗ Z/6 ńkọ́? Níbí, 6 − 4 = 2, nítorí náà 2(1⊗1) = 0. Ohun gbogbo níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1⊗1, torí náà kò lè ju méjì lọ: 0 àti 1⊗1. Ṣé 1⊗1 fúnra rẹ̀ kì í ṣe òdo? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ò rí ọ̀nà tó lè gbà di òdo, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Àìrí ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀rí, torí ọ̀nà náà lè fara pa mọ́.

Iṣẹ́ àbùdá yunifásà nìyẹn. Ó sọ pé bí f bá jẹ́ fọ́nṣọ̀n bailíníà láti M × N lọ sí P, fọ́nṣọ̀n líníà kan ṣoṣo, g, wà láti M ⊗ N lọ sí P tí g(m⊗n) = f(m, n). Nítorí náà, ẹ mú f(a, b) = ab módúlò 2. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dúró: bí a bá fi 4 kún a, ab á fi 4b lé sí i, bí a bá fi 6 kún b, á fi 6a lé sí i. Méjèèjì ṣeé pín sí 2, torí náà èsì kò yí padà. (Ká ní módúlò 3 la lò ni, 4b ì bá ti bà á jẹ́.) Wàyí o, g(1⊗1) = 1. Fọ́nṣọ̀n líníà kì í sọ òdo di 1, nítorí náà 1⊗1 kì í ṣe òdo, Z/4 ⊗ Z/6 sì jẹ́ Z/2.

Ẹ tún máa kọ inú mójúùlù tí ẹ wà sílẹ̀. Nínú Z ⊗ Z/2, 2⊗1 = 1⊗2 = 0. Nínú 2Z ⊗ Z/2, 1 kò sí nínú 2Z, ọ̀nà yẹn dí. Fọ́nṣọ̀n tó gbé (2k, b) lọ sí kb módúlò 2 sì fún 2⊗1 ní 1, torí náà kì í ṣe òdo níbẹ̀.