Mo To Èèpo Ìwé Mẹ́rin, Èyí Tí Mo Fẹ́ràn Jù Ló Gbẹ̀yìn

Ìwé mi kejì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn, tí mo pè ní Òkú Ọjọ́ Ẹtì. Ayàwòrán tí mo gbéṣẹ́ fún fi èèpo mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe ṣí àkọ́kọ́ báyìí, ọkàn mi ti fà sí i. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó we gèlè, òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́ kọ àkọlé sí i. Ó rẹwà débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n gbé e kọ́ ara ògiri.

Ìwé mi àkọ́kọ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n tí n kò fi yára sọ pé òun ni mo mú. Nígbà yẹn, mo kó èèpo mẹ́ta sórí Wáásáàpù ẹbí wa, mo ní kí kálukú mú èyí tó wù ú. Wọ́n mú èyí tó rẹwà jù. Ìtàn ìpànìyàn ni mo kọ, èèpo ń kígbe pé ìtàn ìfẹ́ ni. Àwọn tó rà á bínú pé wọ́n bá òkú nínú rẹ̀, àwọn tó ń wá òkú ò sì yà á wò. Láti ìgbà náà, n kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè pé èwo ló wù ú mọ́.

Ìdíwọ̀n mẹ́ta ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí: bí ó ṣe hàn tó nígbà tó bá kéré bíi sítáǹpù, bí àkọlé ṣe ṣeé kà tó, àti bóyá ó jọ irú ìtàn tó wà nínú ìwé. N kò fún wọn ní máàkì lórí mẹ́wàá, nítorí ojú àánú máa ń fún gbogbo wọn ní méje. Mo kàn tò wọ́n lábẹ́ ìdíwọ̀n kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 4. Ẹni tí àròpọ̀ rẹ̀ bá kéré jù ló borí.

Orí títóbi-kíkéré ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Amazon KDP, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń gbé ìwé rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, dábàá kí fáìlì èèpo ga ní píkísẹ́lì 2,560, kó fẹ̀ ní 1,600, bẹ́ẹ̀ náà ni ayàwòrán sì fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà kì í kọ́kọ́ rí i báyẹn. Mo dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù dé píkísẹ́lì 100 ní fífẹ̀. Mo wá àwọn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lórí Amazon, mo ya àwòrán ojú fóònù, mo sì lẹ èèpo mi mọ́ àárín wọn. Mo na ọwọ́ tí mo fi mú fóònù tán, mo wò ó. Ẹ̀kẹrin ló yọ jù: àdúgbò kan ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí wa tó ń lọ, àkọlé aláwọ̀ yẹ́lò gàdàgbà. Ẹ̀kẹta jẹ́ funfun pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo. Àkọlé rẹ̀ dúdú kedere, ṣùgbọ́n eteetí rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ojúewé tó funfun. Lára ti àkọ́kọ́, ojú obìnrin náà ṣì hàn, ìyókù di eruku.

Ẹ̀kejì ló yà mí lẹ́nu. Ọ̀bẹ ni, pẹ̀lú lẹ́tà pupa lórí dúdú. Ní títóbi, ó ń dẹ́rù bani dáadáa. Mo yọ gbogbo àwọ̀ kúrò nínú àwòrán náà, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìkàwé Kindle, dúdú àti funfun ni wọ́n fi ń ṣàfihàn, ni àkọlé bá pòórá. Pupa tó ki àti dúdú, ẹgbẹ́ ni wọ́n tí a bá ń sọ nípa ìmọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ àwọ̀ nìkan ò gba lẹ́tà là; ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀, kí ìkejì ṣókùnkùn.

Ní ti kíka àkọlé, àwa tá a ń kọ Yorùbá ní wàhálà tí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ò ní. Fọ́ńtì tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́ lára èèpo àkọ́kọ́ kò ní àmì ìsàlẹ̀ rárá, ni ayàwòrán bá yọ gbogbo àmì kúrò: "Oku Ojo Eti". Mo fi han ẹnìkan fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, mo ní kó kọ ohun tó kà. Ó kọ "Òkú, òjò, etí", ó wá bi mí bóyá òjò ló wọ òkú náà létí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Àkọlé ẹ̀kẹrin ní àmì, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta ló pín sí: ÒKÚ, ỌJỌ́, ẸTÌ. Àwọn ìlà náà há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà tó kẹ́yìn ỌJỌ́ fi lẹ̀ mọ́ àmì ohùn orí Ì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti kéré, àbàwọ́n kan ṣoṣo ni méjèèjì máa ń dà. Ohun mìíràn tún wà tí ayàwòrán ò mọ̀: Ọ ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n Ọ́ kò ní. Fọ́ńtì fúnra rẹ̀ ló máa gbé àmì ohùn lé e lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ńtì aláràbarà sì máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Noto Serif, Charis SIL àti Gentium ò dójú tì mí rí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ayàwòrán fi fọ́ńtì tó fẹ́ lò tẹ Ọ́ àti Ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ti irú ìtàn ò gba àkókò. Mo fi bébà bo àkọlé, mo fi àwòrán han ènìyàn méje tí wọn ò mọ ìwé náà, mo bi wọ́n pé irú ìtàn wo ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Márùn-ún pe àkọ́kọ́ ní ìtàn ìfẹ́ tàbí ti ẹbí. Mẹ́fà rí ìpànìyàn nínú ẹ̀kejì (ìkeje ní fíìmù olóògùn ni). Márùn-ún mọ̀ pé àṣírí burúkú kan wà nínú ẹ̀kẹrin. Lára ẹ̀kẹta, mẹ́ta ní ewì ni, ẹnìkan ní ṣé ìpolówó bàtà ni.

Bí wọ́n ṣe tò nìyí, ìwọ̀n sítáǹpù lákọ̀ọ́kọ́, kíka àkọlé, lẹ́yìn náà irú ìtàn. Èèpo àkọ́kọ́ gba 3, 4 àti 4, ó di 11. Ẹ̀kejì gba 4, 3 àti 1, ó di 8. Ẹ̀kẹta gba 2, 1 àti 3, ó di 6. Ẹ̀kẹrin gba 1, 2 àti 2, ó di 5.

Márùn-ún àti mẹ́fà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin bá pààrọ̀ ipò lábẹ́ ìdíwọ̀n kan péré, èsì lè yí. Nítorí náà, mo wo àléébù wọn: èwo ló rọrùn láti tún ṣe? Eteetí ẹ̀kẹta kò le. KDP fúnra rẹ̀ dábàá pé kí a fi ìlà aláwọ̀ eérú tó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 3 sí 4 yí èèpo funfun ká. Àmọ́ bàtà tó ń sọ pé ewì ni kò ní àtúnṣe àfi ká ya òmíràn. Ti ẹ̀kẹrin, àyè láàárín ìlà ló kù. A fẹ̀ ẹ́, a lo Noto Serif tó ki, a sì gbé orúkọ mi sókè díẹ̀ kí àkọlé lè ráyè. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà gbà.

Mo ní kí wọ́n tẹ èèpo àkọ́kọ́ sórí bébà ńlá fún mi, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwọn àlejò máa ń béèrè bóyá àbúrò ìyá mi ni obìnrin náà.