Owó àjọ wa kò bá ayédèrú sọ̀wédowó lọ: ẹ̀rí ìdúpẹ́ mi

Ẹ̀yin ará mi ní Ìjùmú, ní Kàbà, ní Yàgbà àti níbikíbi tí ọmọ Òkun bá wà, mo kí yín, òkun o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ṣì lè wo ojú àwọn obìnrin mẹ́wàá tí a jọ ń dá àjọ, nítorí èmi ni akápò wọn. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ₦412,000 ló wà nínú àpò owó mi ní báǹkì. Owó àjọ ni ₦385,000 nínú rẹ̀, ìyẹn ₦35,000 láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan àwa mọ́kànlá. ₦27,000 péré ni tèmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn.

Aṣọ òfì ni mò ń tà, aṣọ fífẹ̀ tí àwa obìnrin Ògìdì ń hun lórí òfì ìdúró. Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan pè mí, ó ní ilé-iṣẹ́ òun ní Àbújá fẹ́ ṣe ìdágbére fún ọ̀gá wọn kan tó jẹ́ ọmọ Ìjùmú, àti pé ogójì aṣọ ni àwọn nílò. Mo dá ₦12,000 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ₦480,000. Kò ná ọjà rárá. Kò béèrè irú òwú tí mo lò, kò sì ní kí n fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́. Orúkọ mi àti nọ́ńbà àpò owó mi nìkan ló gbà. Inú mi dùn débi pé n kò rí ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kọ mí lóminú, pé oníbàárà tó fẹ́ ra ogójì aṣọ kò fẹ́ rí ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Ẹtì, lẹ́yìn agogo mẹ́ta ọ̀sán, àláàtì wọlé sórí fóònù mi: ₦840,000. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọkùnrin náà fi pè. Ó ní akọ̀wé owó àwọn ló ṣi nọ́ńbà kọ, tó fi 8 síwájú 4, ó sì bẹ̀ mí pé kí n dá ₦360,000 tó lé padà. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí awakọ̀ tí yóò wá kó aṣọ, kí ó lè ra epo, kí n sì fi ₦310,000 tó kù tẹ̀lé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Àpò owó tó fún mi kò jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ òun fúnra rẹ̀. Àánú akọ̀wé tí wọ́n fẹ́ lé lẹ́nu iṣẹ́ ṣe mí, mo sì fi ₦50,000 náà ránṣẹ́.

Àláàtì tí báǹkì fi jẹ́ kí n mọ̀ pé owó náà ti jáde ló gbà mí. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ náà, Avail Bal, ìyẹn owó tí mo lè ná, àti iye tó tẹ̀lé e: ₦362,000, láìka owó bíńtín tí báǹkì ń gbà. Mo dúró. Bí ₦840,000 bá ti wọlé lóòótọ́, tí mo sì yọ ₦50,000, ó yẹ kí ó ku ₦1,202,000. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Mọ́mì, ṣé kéèṣì ni wọ́n san ni, àbí wọ́n fi ránṣẹ́, àbí ṣẹ́ẹ̀kì ni?” Mo padà wo àláàtì àkọ́kọ́ dáadáa, mo rí CHQ níbẹ̀, ìyẹn sọ̀wédowó. Ó ní, “Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ mọ́.”

Àlàyé tó ṣe fún mi ni mo fẹ́ kí gbogbo ọlọ́jà gbọ́. Bí ẹnì kan bá fi sọ̀wédowó sí àpò owó rẹ, báǹkì rẹ yóò kọ iye náà sínú ìwé rẹ lójú ẹsẹ̀, àláàtì yóò sì dún, ṣùgbọ́n owó náà kò tíì kúrò ní báǹkì ẹni tó kọ ọ́. Àwọn báǹkì méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ara wọn, èyí sì máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e síwájú ara wọn. Èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ń dúró de ọjọ́ Ajé, kí èsì rẹ̀ tó jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyẹn ni wọ́n fi yan ọjọ́ àti wákàtí náà. Ṣùgbọ́n owó tí èmi bá fi ránṣẹ́ láti orí fóònù ń dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kò sì ṣeé pè padà. Sọ̀wédowó ń rìn bí ìgbín, owó orí fóònù ń fò bí àṣá, àárín àwọn méjèèjì sì ni olè náà jókòó sí. Owó tí wọ́n ní kí n dá padà kò lè wá láti inú sọ̀wédowó náà, nítorí kò tíì sí níbẹ̀. Láti inú owó tó ti wà nílẹ̀ ni, ìyẹn owó àjọ. Bí mo bá fi ₦310,000 yẹn kún un, ₦52,000 ni ìbá kù sílẹ̀, ₦333,000 owó àwọn obìnrin wọ̀nyí ì bá sì ti lọ.

Àbúrò mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé ti ọ̀dọ̀ wọn tún burú ju èyí lọ, nítorí òfin kan láti ọdún 1987 mú kí báǹkì máa jẹ́ kí èèyàn ná owó sọ̀wédowó láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ pé ayédèrú ni. Níbẹ̀, ohun tó dá mi dúró lórí àláàtì mi lè máà hàn rárá.

Òpin ọ̀sẹ̀ yẹn le fún mi. Nígbà tí mo sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó jẹ́ kí n dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó pè mí ní olè, ó ní òun yóò fi ọlọ́pàá mú mi nítorí owó ilé-iṣẹ́ tí mo dì mú. N kò sùn. Ẹ̀rù tó bà mí jùlọ ni pé bóyá òtítọ́ ló ń sọ, tí èmi sì ń fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní bí ó bá jẹ́ òtítọ́, dídúró ọjọ́ mẹ́rin kò ní pa á lára, àti pé bí owó náà bá tilẹ̀ wọlé, inú àpò owó tó ti jáde wá ni kí n dá èyí tó lé padà sí, kì í ṣe ti awakọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí báǹkì ní Kàbà, mo ròyìn gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ní kí n dúró. Ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá sọ̀wédowó náà padà: ìfọwọ́síwé orí rẹ̀ kò bá ti olówó rẹ̀ mu. Wọ́n yọ ₦840,000 náà kúrò nínú ìwé mi, ₦362,000 sì dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Àpò owó awakọ̀ yẹn ti gbẹ láti ọjọ́ náà, ₦50,000 sì lọ. Tèmi ni ₦27,000 nínú rẹ̀, ₦23,000 jẹ́ ti àjọ. Mo pe ẹgbẹ́ jọ, mo jẹ́wọ́ fún wọn, mo sì ta aṣọ méjì láti fi dí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹni tí àjọ kàn gba ₦385,000 rẹ̀ ní pípé, ó fi ra òwú, ó sì ti ta á sórí òfì rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó gbé fóònù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ẹtì yẹn.