Lẹ́tà kejì ni mo tó fi tọrọ àforíjì

Igbá fínfín ni mo ń tà ní ìtòsí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún tó kọjá, ìyá kan ní Àkúrẹ́ ra igbá 12 lọ́wọ́ mi fún ìdána ọmọ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦6,000, ó sì san ₦5,000 lé e fún wéébìlì. Àdéhùn wa ni pé ẹrù náà yóò dé ọwọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, nítorí pé Sátidé ni ìdána. Ọ̀sán Sátidé ni ó dé, nígbà tí àwọn alága ti wà lórí ìdúró, tí wọ́n sì ti fi abọ́ oníke rọ́pò igbá tí ó yẹ kí wọ́n gbé oyin àti orógbó sí. Mẹ́rin nínú igbá náà sì ti fọ́.

Ní alẹ́ Sọ́ńdè, ó fi íméèlì ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwòrán mẹ́ta. Mo dá a lóhùn kí n tó sùn, mo sì rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo hù. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má bínú bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá bà wọ́n nínú jẹ́. Pé àwọn dírẹ́bà ayé ìsinsìnyí kì í tọ́jú ẹrù. Pé mo lè fín igbá mẹ́rin mìíràn ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi àdúrà gígùn kan kún un fún tọkọtaya tuntun. Èsì tí mo gbà kò ju ìlà kan lọ: “Àmín o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni mo ra igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé dírẹ́bà ni?”

Mo tún lẹ́tà mi kà, ojú sì tì mí. Ẹni tí ó ti kọ̀wé pé inú òun bàjẹ́ ni mo ń sọ fún pé “bí inú yín bá bàjẹ́”. Igbá mẹ́rin tí mo ní n óò fín, kí ni yóò fi wọ́n ṣe nígbà tí ìdána ti kọjá? Ọjà tí ó fọ́ nìkan ni a lè fi òmíràn dípò. Èyí tí ó pẹ́ kọjá ọjọ́ tí a torí rẹ̀ rà á kò ní ìdípò, àfi kí á dá owó padà. Ní ti àdúrà, kò burú, ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí owó wà nínú lẹ́tà náà ni mo gbé e sí.

Kí n tó kọ òmíràn, mo kọ́kọ́ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo lọ sí gáréèjì, mo sì yẹ ìwé mi wò. Ọjọ́rú ni mo ti pinnu láti gbé ẹrù náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n afíngbá tí ń bá mi ṣiṣẹ́ kò parí igbá méjì tó kẹ́yìn títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, n kò sì fi tó oníbàárà létí. Nígbà tí ẹrù fi máa dé Ìbàdàn, ọkọ̀ Àkúrẹ́ ti lọ, ibẹ̀ ni ó sì sùn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ mi ni ìdádúró náà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àwòrán rẹ̀ tún sọ òmíràn fún mi. Bí igbá bá já bọ́ láti orí ọkọ̀, ojú ibi tí ó fi kanlẹ̀ ni yóò ti fọ́, ìlà yóò sì ti ibẹ̀ tú ká bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ti àwọn wọ̀nyí là láti etí lọ sí ìdí, ní ìlà kan ṣoṣo. Igbá tí a kó sínú igbá ni ó máa ń là báyìí: nígbà tí ẹrù mìíràn bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè, èyí tó wà nínú yóò máa fẹ etí èyí tó wà níta títí yóò fi là. Èmi ni mo kó wọn sínú ara wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìwé ìròyìn nìkan sì ni mo fi sí àárín wọn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo fi ₦29,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, ìyẹn owó igbá mẹ́rin àti ti wéébìlì. Lẹ́yìn tí owó ti wọlé ni mo tó kọ lẹ́tà kejì. Mo fi “Igbá 12 tó pẹ́ tó sì fọ́: owó tí mo dá padà” ṣe àkọlé rẹ̀, nítorí pé àkọlé ni èèyàn kọ́kọ́ ń rí lórí fóònù. Ohun tí mo kọ nìyí:

“Ẹ̀yin ìyá wa, Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣèlérí, Sátidé ni igbá dé, mẹ́rin sì ti fọ́. Ẹ kò rí ìkankan lò níbi ìdána. Ẹ̀bi mi ni. Mo gbé ẹrù kalẹ̀ ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbà tó yẹ láìsọ fún yín, n kò sì dì í dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Mo ti fi ₦29,000 ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ yìí fún igbá mẹ́rin tó fọ́ àti wéébìlì. Ní ti mẹ́jọ tó kù, bí ẹ bá fẹ́ ẹ mú, n óò dá ìdajì owó wọn padà, ìyẹn ₦24,000. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé, n óò rán ẹni tí yóò wá gbé wọn, n óò sì dá gbogbo ₦48,000 padà. Èyí tí ẹ bá yàn ni kí ẹ kọ fún mi.”

Mo ti kọ gbólóhùn kan síbẹ̀ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, mo sì pa á rẹ́, nítorí pé èmi kọ́ ni mo ni ọkọ̀, n kò sì mọ bí ọ̀nà yóò ti rí. Mo tún rò ó pé kí n ṣèlérí láti bá wọn dín owó bí wọ́n bá tún fẹ́ ra ọjà, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò dà bí ẹni pé kí ó tún náwó lọ́dọ̀ mi kí ó tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. N kò béèrè igbá tó fọ́, n kò sì béèrè àwòrán mìíràn. Ẹni tí a ṣẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ó tún máa rán níṣẹ́. Ìtìjú tí ó bá a lójú àwọn àna rẹ̀ kò ní iye tí mo lè san, nítorí náà n kò fi owó kankan pè é nínú lẹ́tà náà.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dáhùn pé òun yóò mú mẹ́jọ náà, kí n fi ìyókù ránṣẹ́. Mo fi ₦24,000 ránṣẹ́ ní wákàtí náà, mo sì kọ ìlà kan péré láti sọ pé ó ti lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi fóòmù wé igbá, páálí kan kì í sì í gbà ju mẹ́rin lọ. Ìyá náà kò tíì tún ra nǹkan lọ́wọ́ mi, n kò sì tíì kọ̀wé polówó ọjà sí i.