Ayò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: bí màmá mi ṣe di ẹni tó ń fi géèmù ṣeré ní Mánṣẹ́sítà

Nílé ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba, géèmù bọ́ọ̀lù tàbí géèmù ìbọn àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi lé àgbàlagbà lọ́wọ́. Wọ́n á gbé páàdì fún Màmá, wọ́n á ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Kò ní pẹ́ tí òòyì á fi kọ́ Màmá, wọ́n á sì gbé e sílẹ̀. Látọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ di pé géèmù kì í ṣe ti àgbà.

Lójú tèmi, géèmù tí wọ́n yàn ni kò dára, ọjọ́ orí kọ́. Páàdì ayé òde òní ní ọ̀pá kékeré méjì lórí. Ti ọwọ́ òsì ló ń mú ènìyàn inú géèmù rìn, ti ọwọ́ ọ̀tún ló ń darí ojú tí a fi ń wò ó. Ọmọ tó dàgbà sídìí géèmù ti ń fi àtàǹpàkò méjèèjì ṣe é pọ̀ láì ronú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á kọlu ògiri, á wá ojú ọ̀nà tì, gbogbo ohun tó ń wò á sì máa fì lọ fì bọ̀. Ibẹ̀ ni òòyì ti ń wá. Ẹ má fi irú géèmù bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá.

Nígbà tí màmá mi wá bá wa gbé ní Mánṣẹ́sítà, tí òtútù sì dá wọn dúró sínú ilé, ohun méjì ni mo fi yan géèmù fún wọn: kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ òfin rẹ̀ láti ilé, kó sì jẹ́ èyí tí ìka kan ṣoṣo lè ta. Ayò ló bá a mu. Lórí ẹ̀rọ géèmù Nintendo Switch, àkójọ géèmù kan wà tó jáde ní ọdún 2020, tí wọ́n ń pè ní "51 Worldwide Games" níbí, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì mọ̀ sí "Clubhouse Games". Lúdò àti dọ́míìnò wà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn ni "Mancala", tó jẹ́ ẹbí ayò ọlọ́pọ́n.

"Mọ́mì, ẹ fi ìka kan ihò tí ẹ bá fẹ́ kó."

"Ta ló ń bá mi ta?"

"Ẹ̀rọ ni, mà."

"Ọ̀pẹ ni. Jẹ́ kí n nà án."

Wọn ò tètè nà án, torí òfin ibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Ihò mẹ́fà-mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ onítọ̀hún àti lọ́dọ̀ rẹ, ọmọ mẹ́rin sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n níbi tí àwa ti ń jẹ ihò ẹnìkejì tó bá di méjì tàbí mẹ́ta, tiwọn ní ihò ńlá kan lápá ọ̀tún oníkálukú. Tí o bá ń pín ọmọ kọjá, wàá ju ẹyọ kan síbẹ̀. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sínú ihò ńlá yẹn gan-an, ìwọ náà ni wàá tún ta. Bó bá sì bọ́ sínú ihò rẹ tó ṣófo, wàá kó èyí tó kọjú sí i lọ́dọ̀ ẹnìkejì. Mọ́mì fúnra wọn ló rí i pé ihò kẹta láti ọwọ́ òsì ló yẹ kí èèyàn fi ṣí i: ọmọ mẹ́rin rẹ̀ á lọ sí ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, èyí tó kù á sì wọ ihò ńlá, wọn á tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Látìgbà náà, ọpọlọ wọn ń ṣe ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìka wọn nìkan ló ń kẹ́kọ̀ọ́.

Títẹ ojú ẹ̀rọ yìí kì í ṣiṣẹ́ tí ẹ bá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ní láti gbé e lọ́wọ́, ó sì wúwo tó nǹkan bí 400 gíráàmù, èyí tó pọ̀ fún ọrùn ọwọ́ tí làkúrègbé ń bá jà. Ẹ gbé e lé ìrọ̀rí lórí itan.

Nígbà tó tó àkókò páàdì, mo yẹra fún àwọn páàdì tín-ín-rín tó bá ẹ̀rọ náà wá, torí bọ́tìnnì wọn kéré, ó sì máa ń mú kí ìka ká kò. Mo ra "Pro Controller" tó kún ọwọ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún Mọ́mì ló máa ń dùn wọ́n jù, bẹ́ẹ̀ sì ni bọ́tìnnì A, tí géèmù máa ń béèrè jù lọ, wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wọ "System Settings", mo lọ sí "Controllers and Sensors", mo yan "Change Button Mapping", mo sì fi A sí ipò ZR, kí ìka ìfábẹ̀là máa tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Gbogbo géèmù tí wọ́n bá fi páàdì náà ta ni ìyípadà yìí kàn, nítorí náà ẹ sọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n má bàa rò pé ó ti bàjẹ́. Fún ìwé tó kéré, ẹ tan "Zoom" lábẹ́ "System". Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì HOME lẹ́ẹ̀mejì, ojú ẹ̀rọ á tóbi sí i.

Géèmù tí wọ́n fi páàdì yìí kọ́ ìrìn ni "Animal Crossing: New Horizons". Erékùṣù kan ni, kò sí ẹni tó ń kú níbẹ̀, ojú tí a fi ń wò ó sì ń tẹ̀ lé ènìyàn fúnra rẹ̀, kò nílò ọ̀pá ọ̀tún. Ẹja pípa ni ìdánwò kan tó le. Ẹja á máa fi ẹnu kan ìwọ̀, ẹ kò gbọdọ̀ fà á títí yóò fi gbé e mì. Ojú àgbà lè má tètè rí i, ṣùgbọ́n ìró gbígbé mì yàtọ̀ gedegbe. Mo ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹja kì í sì kọjá ẹ̀ẹ̀karùn-ún kó tó gbé e.

Ohun tó wá mú Mọ́mì gan-an ni ọjà, nítorí oníṣòwò ni wọ́n ní Ìbàdàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, ọmọbìnrin kan máa ń gbé tọ́nípù wá sí erékùṣù náà, ó sì máa ń lọ tó bá di aago méjìlá ọ̀sán. Aago ibẹ̀ bá tiwa mu, nítorí náà Mọ́mì máa ń rà kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti Monday ni ṣọ́ọ̀bù á máa rà á padà. Iye rẹ̀ ń yí láàárọ̀, ó tún ń yí lọ́sàn-án, ọjà tí kò bá tà títí di Sunday tó tẹ̀ lé e á sì jẹrà. Mọ́mì ní ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ iye òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán sí. Tí wọ́n bá rí i pé iye ń já wálẹ̀ láti Monday títí di Wednesday láì dúró, wọn kì í jẹ́ kí ìbẹ̀rù tà á fún wọn. Àmọ́ bó bá di Friday tí kò gòkè, wọ́n á tà á ní àdánù.

Àwọn ọmọ mi ń bẹ̀ wọ́n báyìí kí wọ́n bá wọn sá eré ọkọ̀ nínú "Mario Kart 8 Deluxe". Ìyẹn náà ṣeé ṣe. Níbi tí a ti ń yan ọkọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì +, ẹ tan "Smart Steering" kí ọkọ̀ má bàa já sí kòtò, kí ẹ sì tan "Auto-Accelerate" kí àtàǹpàkò má bàa di A mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn tó ń bá wọn sá lè pa tiwọn. Ṣùgbọ́n "Smart Steering" kì í jẹ́ kí èèyàn gba ọ̀nà àbùjá, bẹ́ẹ̀ ni 200cc, ipele eré tó yára jù lọ, ti pọ̀ jù fún wọn. Àwọn ọmọ ti mọ̀ pé 150cc ni òpin tí a bá ti ń bá Màmá sá.