Fìtílà Kan nínú Àwòrán Aláwọ̀ Aró

Ọjọ́bọ̀, lálẹ́.

Òwúrọ̀ òní ni mo lọ sọ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ládùúgbò wa bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ, lórí bí àwọ̀ gbígbóná àti àwọ̀ tútù ṣe ń yí ìmọ̀lára tó wà nínú àwòrán padà. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ, nítorí ohun tí ọmọ kan béèrè ní ìparí rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ya àwòrán kan náà sórí páálí méjì: obìnrin kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé alámọ̀, ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fèrèsé kékeré kan wà lókè orí rẹ̀. Ilà kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Mo kun ọ̀kan ní àwọ̀ gbígbóná, ìyẹn pupa, àwọ̀ ọsàn àti ìyeyè. Mo kun èkejì ní àwọ̀ tútù, ìyẹn àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé àti elésè àlùkò. Ohun tó gbà mí lákòókò jù ni pé mo rí i dájú pé bí ibì kan bá ṣókùnkùn nínú ti àkọ́kọ́, ó ṣókùnkùn bákan náà nínú èkejì. Mo di ojú mi díẹ̀ láti wò wọ́n, mo sì tún fi fóònù ya wọ́n ní fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun, títí àwòrán méjèèjì fi jọ ara wọn nínú fọ́tò náà. Ká ní mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, òkùnkùn ni ì bá máa ba àwọn ọmọ náà nínú jẹ́, èmi yóò sì máa sọ pé àwọ̀ ni.

Mo gbé méjèèjì kọ́ sára ògiri láìsọ nǹkan kan, mo wá béèrè pé kí ni obìnrin yìí ń ṣe. Níwájú àwòrán gbígbóná, wọ́n ní ó ti se oúnjẹ tán, ó ń retí àwọn ọmọ rẹ̀ tó lọ sí oko. Níwájú èyí tó tutù, yàrá náà kọ́kọ́ pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan sọ pé, “Ó dà bíi pé ẹnì kan ti kú nínú ilé yẹn, mà.” Obìnrin kan náà ni, ìjókòó kan náà, ojú kan náà.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ fún wọn pé iná, oòrùn, osùn àti èso tó pọ́n ni ojú wa ti kọ́ ìgbóná lára wọn, àti pé omi, òjìji igi àti ojú ọ̀run lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni ó ti kọ́ ìtutù. Àwọn baba wa pàápàá kò pín àwọ̀ sí ọ̀pọ̀ orúkọ. Pupa gba àwọ̀ ọsàn àti ìyeyè mọ́ra, dúdú gba aró àti ewé tó jin mọ́ra, funfun sì dá dúró ní tirẹ̀. Àwọn tó ń wọ aṣọ funfun fún Ọbàtálá ń wá ìtutù, pupa sì ni ti Ṣàngó. Nítorí náà, kò sí ohun àjèjì nínú ohun tí mo ń kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n mo tètè dá wọn dúró kí wọ́n má baà kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọ̀ gbígbóná ni ayọ̀, àwọ̀ tútù ni ìbànújẹ́. Mo ní kí wọ́n gbọ́ ohun tí èdè wa ń sọ: èso pọ́n, ó dùn, ojú pọ́n, ó di ìpọ́njú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Mo wá fi àwòrán ilé ọtí òru tí Vincent van Gogh yà ní ìlú Arles ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1888, hàn wọ́n. Ògiri pupa ni, ilẹ̀ ìyeyè, fìtílà ń jó lókè, síbẹ̀ kò sí ọmọ kan tó fẹ́ wọ ibẹ̀. Van Gogh fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ pé òun fẹ́ fi pupa àti àwọ̀ ewé sọ nípa ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ burúkú inú ọmọ ènìyàn. Ohun tó mú ìgbóná yẹn di ìdààmú ni pé ó pọ̀ jù, kò sí ibi tí ojú ti lè sinmi, àwọ̀ ewé tó yẹ kó tù ú lára sì dojú ìjà kọ ọ́, nítorí pé pupa àti àwọ̀ ewé máa ń mú ara wọn le sí i bí wọ́n bá fara kan ara wọn.

Èyí gbé mi dé ọ̀rọ̀ aládùúgbò, ìyẹn àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ mìíràn. Mo gé páálí aláwọ̀ eérú sí méjì, mo lẹ ọ̀kan mọ́ àárín àwọ̀ ọsàn, mo lẹ èkejì mọ́ àárín àwọ̀ aró. Gbogbo wọn ní èyí àkọ́kọ́ dà bíi pé aró wà nínú rẹ̀, èkejì sì dà bíi pé ó pọ́n díẹ̀. Nígbà tí mo yọ wọ́n tí mo sì gbé wọn sórí ara wọn, ariwo sọ. Mo rò pé ìṣẹ́jú yẹn wúlò ju ìdajì ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí wọ́n rí i fúnra wọn pé àwọ̀ kì í gbóná tàbí tutù lóun nìkan.

Ìgbà náà ni ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá nawọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a lè tu obìnrin yẹn nínú láìpa àwọ̀ aró rẹ̀ rẹ́?” Mo ní kó jáde wá gbìyànjú. Ó fẹ́ fi àwọ̀ ọsàn sí fèrèsé náà bí ìmọ́lẹ̀ fìtílà, ṣùgbọ́n omi inú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pọ̀, aró tó wà nísàlẹ̀ yọ́, méjèèjì pò pọ̀, wọ́n sì di àwọ̀ ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà oníomi máa ń ṣe: bó tilẹ̀ gbẹ, omi tún lè jí i, àwọ̀ ọsàn àti aró sì máa ń pa iná ara wọn. Mo fi aṣọ ọ̀rinrin nu ibẹ̀, a dúró kí ó gbẹ, mo kọ́kọ́ fi funfun tó ki bò ó, òun náà wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò lómi púpọ̀ kan àwọ̀ ọsàn lé e, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ẹlòmíràn sọ pé kí a tan iná sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú, kí a sì fi sára ìkòkò. Mo gé ègé páálí aláwọ̀ ọsàn lé àwọn ibẹ̀, láìkun ún, kí wọ́n lè rí i. Ibi tó ń dá mọ́lẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìkankan kò fi mọ́lẹ̀ mọ́, àwòrán náà sì kàn di aláràbarà. A yọ wọ́n kúrò, a fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Mo padà bi ọmọbìnrin àkọ́kọ́ pé kí ló rí báyìí. Ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹni náà ṣì ti kú, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ilé tó ń jí dúró de ìyá náà kó wọlé.

Àwòrán náà wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmì ẹrẹ̀ ṣì wà ní etí fèrèsé níbi tí aṣọ kò nù ún tán. Mi ò ní tún un ṣe.