Àpótí ìdáhùn fún ojú ìwé ògì: ó mú wa, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí kò yẹ ló mú

Ẹ bá mi yọ̀ díẹ̀ ná. Àpótí ìdáhùn tí a ti ń lé, èyí tí Google fi ń gbé ìdáhùn tó mú láti inú ojú ìwé kan sókè, ti bọ́ sọ́wọ́ ojú ìwé ògì wa. Tí ẹ bá tẹ `how long does ogi take to ferment` sínú Google, àwa lẹ máa kọ́kọ́ rí, lókè gbogbo èsì yòókù. Ohun tó wá ń dùn mí ni ìdáhùn tó gbé síbẹ̀: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan kẹ̀! Ògì wo ló ń gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó kan?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ mọ ibi tí a bá a dé. Àwọn àwòrán ti fúyẹ́, ojú ìwé náà sì ń yára ṣí lórí fóònù. A ti ń jáde ní ipò kẹta tàbí ìkẹrin nínú èsì. Èyí ni mo kọ́kọ́ ń wá, nítorí inú àwọn ojú ìwé tó ti wà lára èsì àkọ́kọ́ ni Google sábà máa ń ti mú èyí tó máa wọ àpótí. Ìpínrọ̀ tó dára jù lọ láyé kò lè gbé ojú ìwé tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá débẹ̀.

Ó yá, níbo ló ti rí ọ̀sẹ̀ kan? Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ni kí ẹ tẹ èsì náà fúnra yín, kí ẹ sì wo ìparí àdírẹ́sì tó bá jáde lókè bíráúsà. Láti ọdún 2020 ni Google ti máa ń gbé ẹni tó bá gba inú àpótí wọlé lọ tààrà síbi tó ti mú ọ̀rọ̀ náà, tí yóò sì fi àwọ̀ kùn ún. Tiwa rí báyìí:

```
#:~:text=It%20keeps%20for%20about%20a%20week
```

Bí mo ṣe rí i ló yé mi. Gbólóhùn náà sọ pé ó lè tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tí a bá ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ lójoojúmọ́. Títọ́jú ògì tó ti kan ló ń sọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọ̀tọ̀ ló ń dáhùn. Ẹ wá wo ibi tó jókòó sí: àkòrí tó wà lórí rẹ̀ kò ju `How long?` lọ, gbólóhùn náà kúrú, ó dá dúró, iye ọjọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ìdáhùn gidi wà lókè, ṣùgbọ́n àárín ìpínrọ̀ gígùn ló wà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nípa àgbàdo funfun àti àgbàdo pupa. Kò sí àkòrí kankan lórí rẹ̀ tó jọ ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀. Nínú méjèèjì, èyí tó jọ ìdáhùn ni ẹ̀rọ mú.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa, torí òun gan-an ni iṣẹ́ tó wà nídìí àpótí yìí. Kò sí kóòdù tí a lè fi sí ojú ìwé láti sọ pé "èyí ni kí ẹ gbé sókè." Google fúnra wọn sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí a lè fi sí i ni èyí tó ń dí i lọ́wọ́. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni bí ìpínrọ̀ náà ṣe rí: àkòrí tó bi ìbéèrè bí èèyàn ṣe ń bi í, ìdáhùn tó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ kan náà, láìsí àwòrán tàbí ìpolówó láàárín wọn, àti gbólóhùn àkọ́kọ́ tó dárúkọ ohun tó ń sọ. "It" kò dárúkọ nǹkan kan. Tí ẹ bá yọ gbólóhùn yẹn kúrò láyè rẹ̀, tí ẹ gbé e fún àlejò, kò lè mọ̀ bóyá kíkan ni tàbí títọ́jú.

Nígbà tí mo jókòó láti kọ ìdáhùn tuntun ni wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni kí n kọ? Àwọn ojú ìwé mìíràn tó wà nínú èsì kò bára wọn mu: ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún. Mo kó ìbéèrè náà lọ bá ìyá kan tó ń ta ògì ní Bódìjà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ mélòó ni ògì máa ń lò kó tó kan?" Ó wò mí, ó ní, "Èwo lò ń bi mí níbẹ̀, ti rírẹ àgbàdo ni àbí ti orí omi lẹ́yìn tí a bá ti sẹ́ ẹ tán?"

Ìbéèrè ìyá yìí ló tú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kọ ọjọ́ méjì ń ka ìgbà kan ṣoṣo, ẹni tó kọ márùn-ún ń pa méjèèjì pọ̀. A ó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ 2 sí 3, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì jẹ́ kó silẹ̀ kó sì kan sí i fún ọjọ́ 1 sí 2. Tí òtútù ọyẹ́ bá mú, ó máa ń falẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹlòmíràn bá da omi gbígbóná lé àgbàdo, ó máa ń yá díẹ̀.

Ìpínrọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ lẹ́yìn ìyẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ọwọ́ ojú ọjọ́ àti irú àgbàdo ló wà. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó fẹ́ rẹ àgbàdo lálẹ́ òní kò lè fi ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ náà kò sì rí iye kankan mú níbẹ̀. Mo yí i padà. Iye ló kọ́kọ́ wá, ìpín méjèèjì tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wá gba ìparí. Ní Yorùbá, ohun tó sọ nìyí:

"Ògì máa ń gba ọjọ́ 3 sí 5 kó tó kan dáadáa. Àgbàdo yóò wà nínú omi fún ọjọ́ 2 sí 3 kí a tó lọ̀ ọ́, ògì tí a ti sẹ́ yóò sì silẹ̀ lábẹ́ omi fún ọjọ́ 1 sí 2. Ó máa ń falẹ̀ nígbà òtútù, ó sì máa ń yá nígbà ooru."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò láàárín 40 sí 60, ìwọ̀n tí àwa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń lò. Google kò fún ẹnikẹ́ni ní iye kankan o. Ojú ni a fi wò ó: tó bá gùn jù, àpótí á gé e láàárín, tó bá sì kúrú jù, kò ní sọ̀rọ̀ tó. Nítorí gígé yìí ni iye gbogbogbòò fi gbọ́dọ̀ wà ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ibi yòówù tó bá ti gé e, ẹni tó ń kà á á ti rí ohun tó wá.

Bó ṣe wà nínú ojú ìwé nìyí, tí mo gé ìparí rẹ̀ kúrò:

```html
<h2>How long does ogi take to ferment?</h2>
<p>Ogi takes 3 to 5 days to ferment fully...</p>
```

Ìpínrọ̀ lásán ni, `<p>` kan ṣoṣo. Mi ò fi líǹkì sí i, mi ò sì pín in pẹ̀lú `<br>`. Ìtàn àgbàdo funfun ti lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì bá a mu jù.

Ẹnì kan béèrè nígbà tó kọjá bóyá kí a fi kóòdù FAQ kún un. Kò kan àpótí yìí rárá. Àwọn ìbéèrè àti ìdáhùn tí kóòdù yẹn máa ń mú jáde tẹ́lẹ̀ lábẹ́ èsì gan-an, Google dín wọn kù ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó fi wọ́n mọ sórí àwọn ojú òpó ìjọba àti ti ìlera tí gbogbo ayé mọ̀. Bí àfikún WordPress tí ẹ ń lò bá ń pariwo pé kí ẹ sanwó fún un, ẹ pa owó yín mọ́.

Ó ku gbólóhùn ọ̀sẹ̀ kan yẹn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n fi `data-nosnippet` bò ó kí Google má lè mú un mọ́:

```html
<span data-nosnippet>It keeps for about a week...</span>
```

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Inú `span`, `div` tàbí `section` nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ tì í. Tí ẹ bá ṣí `div` tí ẹ kò tì í, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gbé mì, títí kan ìpínrọ̀ tí ẹ fẹ́ kó jáde. Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ tún wo orí ojú ìwé bóyá `max-snippet`, tó ń pààlà bí ọ̀rọ̀ tí Google lè gbé jáde ṣe gùn tó, wà pẹ̀lú iye kékeré. Ìyẹn náà lè ti ìpínrọ̀ yín mọ́ta. `max-snippet:-1` kò dí ohunkóhun lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, mo ti yí èrò mi padà. Àwọn kan ń wá bí ògì ṣe ń pẹ́ tó kó tó bàjẹ́, tiwọn sì ni gbólóhùn yẹn. Kí ló dé tí màá fi pa á mọ́ fún wọn? Mo yọ `span` náà. Mo fún un ní àkòrí tirẹ̀, `How long does ogi last in water?`, mo sì fi orúkọ ògì rọ́pò "It". Èrò àtijọ́ pé kí n ya ojú ìwé náà sí méjì ti parí síbẹ̀. Ojú ìwé kan lè dáhùn ìbéèrè méjì tí kálukú bá ní àkòrí àti ìpínrọ̀ rẹ̀.

Mo ti gba inú URL Inspection ní Search Console béèrè pé kí wọ́n tún ojú ìwé náà kà. Ẹ má wá àpótí yìí nínú Search Console o, kò sí ibi tí a ti lè ṣẹ́ ẹ sọ́tọ̀. Ipò lẹ máa wò fún ọ̀rọ̀ àwárí náà, kí ẹ sì fojú ara yín wò ó nínú fèrèsé Incognito. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, ojú ìwé tó bá ti wà nínú àpótí kì í tún jáde nínú èsì àkọ́kọ́ nísàlẹ̀. Nítorí náà, tí a bá rí ara wa ní ipò kẹta lẹ́ẹ̀kan sí i, àpótí ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ kan ló ṣì wà níbẹ̀, torí Google kò tíì tún ojú ìwé náà kà. Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lórí rẹ̀ títí wọn yóò fi kà á, kí n lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá kà á tán tó ṣì jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń gbé jáde, `data-nosnippet` á padà sẹ́nu iṣẹ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí wa fi àgbàdo sínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní báyìí ná, mo ti ń wo ojú ìwé ẹ̀lùbọ́. Tábìlì ni Google ń gbé jáde fún ìbéèrè tirẹ̀, ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é sì máa yàtọ̀.